Lẹ́tà tí mo fẹ́ kọ sí ọ̀gá wa nítorí láìnì kejì àti súwíìṣì: ẹ bá mi wò ó

Tíṣà Kọ̀ǹpútà

Okun o, ẹ̀yin ará. Ilé-ìwé girama kan lẹ́bàá Kábà ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ 32 ló wà nínú yàrá kọ̀ǹpútà, mẹ́fà wà ní yàrá àwọn tíṣà, méjì wà lọ́dọ̀ akápò. Ráútà kan ṣoṣo tó ń lo síìmù ló ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì wọlé. Súwíìṣì oníhò 24 kan tó ti dàgbà àti àwọn kéékèèké mẹ́rin oníhò mẹ́jọ-mẹ́jọ ló ń pín in káàkiri.

Kò sí ọ̀sẹ̀ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn tíṣà ń tẹ máàkì sílẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tó lọ, orúkọ mi ni gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń pè bí ìgbà tí mo jí ewúrẹ́ ẹni kan. Mo ti kọ lẹ́tà sí ọ̀gá wa, obìnrin ni wọ́n, mi ò tíì fi jíṣẹ́. Òun nìyí:

> Ẹ jọ̀wọ́ mà, mo ń tọrọ owó tí a ó fi ra láìnì íńtánẹ́ẹ̀tì kejì àti súwíìṣì tó ṣeé darí, nítorí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa kò dára mọ́, ayé sì ti di ayé kọ̀ǹpútà. Inú wa yóò dùn tí ẹ bá lè ṣe é kí sáà yìí tó parí. Ẹ ṣeun mà.

Kí ni kí n fi kún un?

Akápò Àgbà

Ọmọ mi, ogún ọdún ni mo fi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọ̀gá ilé-ìwé tí wọ́n ń ka irú lẹ́tà báyìí. Jẹ́ kí n sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí tìrẹ. Ọ̀gá yóò kà á dé "súwíìṣì", yóò gbójú sókè wo ògiri, yóò ní, "Kí ló ṣe súwíìṣì tó wà níbí?" Iná ló máa rò. Lẹ́yìn náà yóò wá iye owó, kò ní rí i. Yóò wá ìdáhùn sí "ẹ̀ẹ̀kan ni a óò san án ni àbí oṣooṣù?", kò ní rí ìyẹn náà. Inú fáìlì ni lẹ́tà yẹn máa sùn títí wọ́n á fi gbé ẹ lọ ilé-ìwé mìíràn.

"Ayé ti di ayé kọ̀ǹpútà" yẹn, yọ ọ́. Gbogbo ẹni tó ń tọrọ owó ló ń kọ ọ́.

Ọmọ Mòpà

Lẹ́tà yẹn kò burú jù o. Ohun tó kù ni kí o ṣàlàyé iṣẹ́ tí súwíìṣì náà ń ṣe. Súwíìṣì tó ṣeé darí ní ọpọlọ, kò dà bí tàtijọ́. O kàn máa ki wáyà láìnì méjèèjì bọ inú ẹ̀, tí ọ̀kan bá ti kú, yóò yí sí ìkejì fúnra rẹ̀. Bí ṣéńjíófà iná nìyẹn. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, yóò yé wọn.

Fi JAMB sí i pẹ̀lú. Tí ọ̀gá bá gbọ́ pé ilé-ìwé lè di ibùdó ìdánwò, wọ́n á fọwọ́ sí i lọ́jọ́ náà gan-an.

Bàbá Wáyà

Ọmọ Mòpà, mo gbà pẹ̀lú rẹ pé ó ní ọpọlọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ṣéńjíófà kọ́ ni wọ́n fi rán an. Inú ilé ni súwíìṣì ti ń ṣiṣẹ́: ó ń so ẹ̀rọ pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ, ó sì lè ya tàwọn ọmọ sọ́tọ̀ kúrò lára ti akápò. Ẹni tó ń yí láti orí láìnì kan sí èkejì ni ráútà, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ irú ráútà tó ní ẹnu méjì síta. Tí o bá ki láìnì méjèèjì bọ súwíìṣì bẹ́ẹ̀, ráútà méjì ni yóò máa pín àdírẹ́sì fún àwọn ẹ̀rọ. Àwọn kan á bá ti àkọ́kọ́ lọ, àwọn yòókù á bá ìkejì. Lọ́jọ́ tí ọ̀kan bá kú, àwọn tó ń tẹ̀lé e á kàn dúró sójú kan, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn á sì máa ṣiṣẹ́ lọ. Mo ti rí i rí, ó burú ju kí gbogbo rẹ̀ lọ pa pọ̀ lọ. Ó máa ń da èèyàn lórí rú.

Nítorí náà, nǹkan kan ti sọnù nínú lẹ́tà àbúrò yìí: ó tọrọ láìnì, ó tọrọ súwíìṣì, kò tọrọ ráútà.

Ní ti JAMB, má ṣe bẹ́ẹ̀ o. Láti 2015 ni gbogbo ìdánwò wọn ti bọ́ sórí kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà 250 ni wọ́n sì ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ jẹ́ ibùdó. O ní 32. Ọ̀gá yóò rántí ìlérí yẹn lọ́dún tó ń bọ̀.

Ṣùgbọ́n kó tó di owó rárá, ìbéèrè kan wà tí ẹnì kankan kò tíì bi ọ́. Tó o bá ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì "lọ", ibo ló lọ? Ṣé láti ráútà síta ni, àbí inú ilé-ìwé gan-an? Ẹ̀rọ kan péré tó wà nínú yàrá yẹn lè sọ fún ọ. Ṣí ojú dúdú Command Prompt méjì sórí rẹ̀, kí o tẹ ọ̀kan sínú èyí, èkejì sínú ìyẹn:

```
ping -t 192.168.1.1
ping -t 1.1.1.1
```

Èyí àkọ́kọ́ ń kan ilẹ̀kùn ráútà tiyín (wo nọ́ńbà tiyín, ó lè yàtọ̀ sí tèmi). Èkejì ń jáde sí ayé. Fi wọ́n sílẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Tí `Request timed out.` bá hàn lójú kejì nìkan, láìnì ló ní ẹ̀bi. Tí àkọ́kọ́ náà bá dákẹ́, inú ilé ni àìsàn wà. Tí o bá ra láìnì mẹ́wàá, kò ní wò ó sàn.

Ṣe é fún ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá. Kọ aago àti ohun tó o rí sínú ìwé, kí o tó padà wá.

Ìyá Káfè

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀wọ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì wo ló dáa jù ní Ìsánlú báyìí? Dátà mi ń tán kíákíá.

Ọ̀rọ̀ láìnì kejì yẹn, mo ti bá a jà. Nígbà tí mo ṣí káfè, mo ra mọ́dẹ́mù ilé-iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, mo ní tí ti lágbájá bá sùn, ti tàmẹ̀dù á jí. Irọ́ ni. Ìgbà kan náà ni wọ́n ń lọ, ìgbà kan náà ni wọ́n ń dé. Ọmọ tó ń gbé dísù lọ sórí òkè ló là mí lójú: òpó kan náà ni àwọn méjèèjì gbé nǹkan wọn kọ́, jẹnẹrétọ̀ kan ló sì ń fún wọn níná. Tí dísù bá tán, gbogbo wọn ló tán. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń san owó méjì.

Bàbá Wáyà

Ìyá Káfè, ẹ kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yín yìí ló ṣe pàtàkì jù níbí. Àbúrò, gbọ́ bí màmá ṣe wí. Ọ̀pọ̀ òpó tá a ń rí lójú ọ̀nà kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ fóònù mọ́, àwọn ilé-iṣẹ́ olóòpó ló ni wọ́n, wọ́n sì ń fi yá ju ilé-iṣẹ́ fóònù kan lọ. Bí òpó bá tilẹ̀ yàtọ̀, fáíbà tó ń bọ̀ látọ̀nà Lọ́kọ́ja lè jẹ́ ọ̀kan. Katapílà tó ń tún títì ṣe bá gé e, ó ti parí.

Fi èyí kún ìwé rẹ: nígbàkigbà tí ojú kejì bá dákẹ́, yọ fóònù tó ní síìmù ilé-iṣẹ́ mìíràn, ṣí ojú-ewé kan. Kọ bó bá ṣí, kọ bí kò bá ṣí.

Tíṣà Kọ̀ǹpútà

(Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.) Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ojú ń tì mí díẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlá ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án nínú rẹ̀, ráútà wa gan-an kò dáhùn. Inú ilé ni. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún péré ló jẹ́ ti láìnì. Nínú márùn-ún yẹn, síìmù kejì tó wà nínú fóònù mi náà kú lẹ́ẹ̀mẹta.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í tọpasẹ̀ mẹ́sàn-án yẹn. Lọ́jọ́ Ajé kejì, bí àwọn ọmọ ṣe gbá ilẹ̀ tán, ohun gbogbo dúró. Mo lọ síbi súwíìṣì ńlá. Gbogbo iná ara rẹ̀ ló ń ṣẹ́jú pa pọ̀, kíákíá, bí iná mọ́tò ọlọ́pàá, kì í ṣe bí wọ́n ṣe máa ń ṣe ségesège lójoojúmọ́. Mo tẹ̀lé wáyà kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́. Wáyà aláwọ̀ búlúù kékeré kan jáde láti ihò 7, ó ká mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì, ó tún padà wọ ihò 19. Súwíìṣì kan náà! Mo fà á yọ. Kí n tó ka mẹ́wàá, ojú méjèèjì ti ń dáhùn.

Mo bi àwọn ọmọ tó gbálẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Sà, mo rí i tó ń rọ́ nílẹ̀, mo sì rí ihò tó ṣófo, mo ní kí n bá yín tún un ṣe." Ọmọ rere. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀, ọjọ́ ìgbálẹ̀ ni gbogbo rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹta, tíṣà kan ló gbé ráútà kékeré ti ara rẹ̀ wá láti ilé kí Wáífáì lè dé tábìlì rẹ̀. Mo tẹ `ipconfig` lórí ẹ̀rọ tó dákẹ́, mo rí 192.168.0 níbi tó yẹ kí n ti rí 192.168.1. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ẹlòmíràn ti ń pín àdírẹ́sì nínú ilé wa. Méjì tó kù, ẹnì kan ló yọ iná súwíìṣì láti fi ṣájì fóònù. Mi ò ní sọ ẹni tó jẹ́.

Bàbá Wáyà

O rí i! Ohun tí wáyà búlúù yẹn ṣe ni pé àwọn ìkéde tí ẹ̀rọ máa ń ké sí gbogbo ilé gba ihò 7 jáde, wọ́n gba 19 wọlé, wọ́n tún jáde, wọn kò ní ibi tí wọ́n ti ń parí. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, wọ́n ti kún ọ̀nà débi pé ẹlòmíràn kò lè kọjá. Súwíìṣì tó o ní nísinsìnyí kò ní ojú tó fi lè rí i. Èyí tó ṣeé darí ní i: wá ibi tí wọ́n kọ `Loop Prevention` tàbí `STP` sí, kí o sì rí i dájú pé o tàn án, torí pé nínú àwọn kan, pípa ló máa ń wà látọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe é. Yóò ti ihò náà pa, àwọn tó kù á máa bá iṣẹ́ lọ.

Ráútà tíṣà yẹn ńkọ́? Àwọn súwíìṣì kan ní `DHCP Snooping`, òun ló ń dí ẹni tí kò láṣẹ lọ́wọ́ láti pín àdírẹ́sì. Kì í ṣe gbogbo àwọn tó wọ́n níwọ̀nba ló ní i, nítorí náà ka ara páálí kó o tó sanwó. Tí kò bá tilẹ̀ sí, ya yàrá àwọn tíṣà, yàrá kọ̀ǹpútà àti ọ́fíìsì akápò sí `VLAN` ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Wàhálà tíṣà á dúró sọ́dọ̀ tíṣà. Kìkì pé ráútà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ VLAN náà. Àwọn ráútà síìmù kékeré yẹn kì í sábà mọ̀ ọ́n.

Ibì kan wà tí agbára rẹ̀ kò dé. Tí ọmọ bá so wáyà pọ̀ báyìí lára àwọn súwíìṣì kéékèèké oníhò mẹ́jọ yẹn, ńlá yóò gé kékeré náà kúrò, àwọn tó wà lórí kékeré á sì wà nínú òkùnkùn títí o ó fi dé.

Ọmọ Mòpà

Ó dáa, mo gbà lórí ṣéńjíófà. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, tó bá jẹ́ wáyà tó ń rọ́ nílẹ̀ àti ẹni tó ń ṣájì fóònù ló ń fa gbogbo èyí, kí ló dé tí a fẹ́ ná owó? Kó kó gbogbo wáyà tí kò níṣẹ́ kúrò, kó pe káfíńtà kó kan àpótí oníkọ́kọ́rọ́ sí i. Ó parí.

Akápò Àgbà

Èmi náà ń ronú bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá yóò béèrè rẹ̀, nítorí náà kí ọmọ yìí dáhùn rẹ̀ nínú lẹ́tà kí wọ́n tó béèrè.

Tíṣà Kọ̀ǹpútà

Mo ti kó wáyà kúrò. Àpótí yóò yanjú méjì ti iná, ó sì lè yanjú mẹ́rin ti wáyà tó bá jẹ́ ibi súwíìṣì ńlá ni wọ́n ti ń so ó. Ṣùgbọ́n ihò ṣì wà lára ògiri, àwọn súwíìṣì kéékèèké ṣì wà lórí tábìlì, àpótí kò sì lè ṣe nǹkan kan sí ráútà tíṣà. Ohun tó ń já mi láyà jù ni ìdánwò sáà. Sáfà tiwa nínú yàrá ni àwọn ọmọ 32 fi ń ṣe é, kò nílò íńtánẹ́ẹ̀tì rárá. Tí wáyà kan bá ká lọ́jọ́ yẹn, íńtánẹ́ẹ̀tì ì báà dára bí ti Èkó, ìdánwò ti dúró.

Ẹ wo bí mo ṣe tún lẹ́tà náà kọ:

> Ọ̀gá mi àgbà, ẹ kú iṣẹ́ ilé-ìwé.
>
> Mo ń tọrọ owó ohun méjì, ìpele méjì sì ni mo pín in sí.
>
> Ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá ni mo fi ṣọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa, ìwé tí mo kọ ọ́ sí wà lẹ́yìn lẹ́tà yìí. Ó dá iṣẹ́ dúró lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlá. Ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án, inú ilé-ìwé ni ìṣòro ti wá, ẹ̀ẹ̀márùn-ún ló ti ìta wá.
>
> Ìpele kìíní jẹ́ ti inú ilé. Ẹ̀rọ tó so gbogbo kọ̀ǹpútà wa pọ̀ (súwíìṣì ni à ń pè é, kì í ṣe ti iná mà) kò lè mọ̀ tí ẹnì kan bá so wáyà lódì tàbí tó gbé ráútà tirẹ̀ wá so mọ́ ọn. Èyí tí mo ń tọrọ lè mọ̀, á sì ti ibẹ̀ pa fúnra rẹ̀. Yóò kápá méje nínú mẹ́sàn-án náà. Méjì yòókù jẹ́ ti ẹni tó yọ iná, àpótí oníkọ́kọ́rọ́ ni yóò yanjú rẹ̀. Súwíìṣì oníhò 24: ₦190,000. Àpótí: ₦18,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦208,000, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a óò san án. Ìwé iye olùtajà mẹ́ta wà lẹ́yìn lẹ́tà, iye tó wà lókè yìí kò ní yí padà títí ọjọ́ 14.
>
> Ìpele kejì jẹ́ ti ìta. Nínú márùn-ún tí láìnì wa kú, síìmù ilé-iṣẹ́ mìíràn náà kú lẹ́ẹ̀mẹta. Nítorí náà, síìmù kejì kò ní ràn wá lọ́wọ́ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Láìnì tí kò gba orí òpó kankan ni mo ń tọrọ, ìyẹn ti sátẹ́láìtì, pẹ̀lú ráútà tí yóò máa yí láti ọ̀kan sí èkejì (₦95,000). Díìṣì ní owó ìrà, ó sì ní owó oṣooṣù. Mo dábàá pé kí a gbé owó oṣooṣù náà lọ síwájú ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ kí a tó rà á, torí láìnì tí a kò bá lè san owó rẹ̀ ní sáà kẹta, ẹrù lásán ni.
>
> Bí owó kò bá tó fún méjèèjì, ẹ jọ̀wọ́ mà, ìpele kìíní ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe.

Akápò Àgbà

Èyí ni lẹ́tà. Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ni ọ̀gá máa kọ́kọ́ kà. Ó yẹ kó lọ sókè.

Ọmọ Mòpà

Mi ò gbà pé súwíìṣì ló yẹ kó ṣáájú o. Ta ló ń rí súwíìṣì? Íńtánẹ́ẹ̀tì ni òbí ń rí, òun ni wọ́n á dáwó fún. Tó o bá gba owó súwíìṣì tán, tí òpó tún kú lọ́sẹ̀ kejì, ọ̀gá á ní, "Ṣebí a ti fún un lówó?"

Bàbá Wáyà

Ọmọ Mòpà kò ṣìnà pátápátá níbẹ̀. Èmi ṣì máa ṣe ti inú ilé ná, ṣùgbọ́n sọ fún wọn ní kedere pé òpó yóò ṣì máa kú.

Ohun méjì lórí ìpele kejì. Starlink tó wọ Nàìjíríà ní 2023 ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò nínú irú èyí. Díìṣì rẹ̀ ń fẹ́ ojú ọ̀run tó ṣí sílẹ̀, igi máńgòrò tàbí àpáta tó bá yọrí sí i á máa gé e díẹ̀díẹ̀, òjò ńlá náà á sì dá a dúró fún ìgbà díẹ̀. Áàpù rẹ̀ lè fi ohun tó ń dí i hàn ọ́ kó o tó rà á, gbé fóònù rẹ gun òrùlé. Iná tó ń jẹ lè tó wáàtì 50 sí 100, ṣe ìṣirò rẹ̀ mọ́ ti ínfátà.

Èkejì: ráútà ẹlẹ́nu méjì yẹn, rí i pé nọ́ńbà tó wà níta ni o ní kó máa kàn láti mọ̀ bóyá láìnì wà láàyè. Bí o bá jẹ́ kó máa wo bóyá wáyà ṣì wà nínú ihò, kò ní yí láé. Tí òpó bá kú, ráútà síìmù tó wà lórí tábìlì ṣì ń tanná, wáyà rẹ̀ ṣì wà nínú ihò, onítọ̀hún á ní kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Tíṣà Kọ̀ǹpútà

(Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà.) Ọ̀gá ti pè mí. Wọ́n ka gbogbo rẹ̀, wọ́n sì fọwọ́ sí ₦208,000. Ìpele kejì ń lọ sípàdé àwọn òbí. Wọ́n wá bi mí ní ìbéèrè kan tí ẹnì kankan nínú wa kò ronú kàn: "Tí ìjọba bá gbé ọ lọ Òdo-Ẹrẹ́ lọ́la, ta ló mọ páásíwọ́ọ̀dù ẹ̀rọ yìí?"

Mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ. Kí ni ẹ̀yin máa ń ṣe sí i?

Akápò Àgbà

Kọ ọ́ sínú ìwé, fi sínú àpòòwé, lẹ̀ ẹ́ pa, kí ìwọ àti ọ̀gá jọ fọwọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Inú kọ́bọ́ọ̀dù irin akápò ló ń gbé. Lọ́jọ́ tó o bá yí i padà, kọ òmíràn.

Bàbá Wáyà

Fi àwòrán ihò pẹ̀lú rẹ̀: ihò wo ló lọ sí ẹ̀rọ wo. Ẹni tó bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ á nílò ìyẹn ju páásíwọ́ọ̀dù lọ.

Ìyá Káfè

Ẹ kú oríire o. Ìsánlú ńkọ́? Mo ṣì ń dúró.